Òǹkà, ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ àgékúrú nínú ìwé tí a máa kà síta: ìbéèrè àti ìdáhùn

Kí ló dé tí òǹkàwé máa ń kọsẹ̀ níbi fígọ̀, tó sì ń ka ìyókù geerege?

Àmì lásán ni fígọ̀. Ẹni tó ń kà á ló máa wá ọ̀rọ̀ tó dúró fún lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ẹnu rẹ̀ ti wà lórí ìrìn. Ní èdè Yorùbá, iṣẹ́ yìí le ju bó ṣe hàn lójú lọ, nítorí ojú ń ka fígọ̀ láti òsì lọ sí ọ̀tún, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ni ẹnu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ.

Ẹ wo 44 àti 45. 44 ni mẹ́rìnlélógójì: mẹ́rin lé lórí ogójì. 45 ni márùndínláàádọ́ta: márùn-ún dín nínú àádọ́ta. Òǹkàwé tó bá rí 4 tó bẹ̀rẹ̀ 45, tí ẹnu rẹ̀ sì ti ń lọ sí ogójì, ti ṣìnà, torí kò sí ogójì kankan nínú òǹkà náà. Láti orí ogún sókè, bí fígọ̀ ìkẹyìn bá jẹ́ 1 sí 4, à ń fi lé lórí ẹ̀wá tó ti kọjá. Bó bá jẹ́ 5 sí 9, à ń dín iye tó kù kó pé kúrò nínú ẹ̀wá tó ń bọ̀, èyí tí a kò kọ sílẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ń kà gbọ́dọ̀ rí òpin òǹkà kó tó lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́, ẹ ti ṣe ìṣirò náà fún un ṣáájú.

Ṣé gbogbo òǹkà ni kí n fi ọ̀rọ̀ kọ?

Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo èyí tí ohùn máa sọ. Ẹ má fi 1 sí 10 sílẹ̀ pé wọ́n rọrùn; àwọn gan-an ló ń dárú jù, bí ẹ ó ṣe rí nísàlẹ̀.

Bó bá jẹ́ ènìyàn ló máa kà á, ẹ kọ ọ̀rọ̀ sínú gbólóhùn, kí ẹ sì kọ fígọ̀ sí etí ìwé ní òdìkejì ìlà náà, kí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò lè fi wéra. Ẹ má kọ ọ́ sínú àkámọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀, torí òǹkàwé tó ń sáré máa kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ akàwé, ẹ yọ fígọ̀ kúrò pátápátá. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé etí ìwé kì í ṣe ara ọ̀rọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí òǹkà pín sí ìlà méjì, pàápàá kó má ṣe pín sí ojú ìwé méjì. Ẹni tó bá ka «ẹgbàá ó lé» ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan máa dákẹ́ níbẹ̀ kó tó ṣí òmíràn, olùgbọ́ á sì ti gbà pé ẹgbàá ló parí sí.

Fígọ̀ kan ṣoṣo, bíi 3, ọ̀nà mélòó ni wọ́n lè gbà kà á?

Ó kéré tán, márùn-ún: mẹ́ta (ìwé mẹ́ta), kẹta (ìwé kẹta), lẹ́ẹ̀mẹta (ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta), mẹ́tẹ̀ẹ̀ta (àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta), mẹ́ta-mẹ́ta (ẹ mú un ní mẹ́ta-mẹ́ta). Fígọ̀ kò sọ èyí tí ẹ ní lọ́kàn.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni orúkọ tó lè gba mélòó, tó sì tún lè gba ìkelòó. «Ọjọ́ 7» lè jẹ́ ọjọ́ méje gbáko, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ keje oṣù. «Oṣù 4» lè jẹ́ oṣù mẹ́rin tàbí oṣù kẹrin ọdún. «Orí 5» àti «ojú ìwé 5» náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀. Ẹni tó ń kà á ń méfò.

Ìdánwò rẹ̀ kò le. Ẹ bi gbólóhùn yín léèrè: ṣé «mélòó?» ni ó ń dáhùn, àbí «ìkelòó?» Bó bá jẹ́ mélòó, ọ̀rọ̀ yín máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú m: méje, mẹ́rin, márùn-ún. Bó bá jẹ́ ìkelòó, k ló máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: keje, kẹrin, karùn-ún. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó kù láti méfò.

Ṣé iwájú orúkọ ni òǹkà ń dúró sí, tàbí ẹ̀yìn?

Ó sinmi lórí òǹkà náà. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú m máa ń tẹ̀lé orúkọ: ọdún mẹ́wàá, ènìyàn mẹ́tàlélógún. Àwọn òǹkà gbogboogbò bíi ogún, ọgbọ̀n, àádọ́ta, ọgọ́rùn-ún àti igba máa ń ṣáájú: ogún ọdún, àádọ́ta ènìyàn, igba ìwé.

Nítorí náà, bí ẹ bá kọ «ọdún 20» sílẹ̀, òǹkàwé á ti sọ «ọdún» kó tó rí i pé ogún ló yẹ kó ṣáájú. Yóò padà sẹ́yìn, tàbí kó ka «ọdún ogún», èyí tí etí kò gbà dáadáa fún iye ọdún. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ òǹkà nínú ìwé tó ti wà nílẹ̀, bóyá láti 19 sí 20, ẹ tún gbólóhùn náà tò: ọdún mọ́kàndínlógún, ogún ọdún, ọdún mọ́kànlélógún. Òǹkà gígùn lè gba orúkọ sáàárín: ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́ ó lé márùndínláàádọ́rin ni 365.

Báwo ni kí n ṣe kọ ọjọ́ oṣù?

Ẹ tò ó bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́: orúkọ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀, ọjọ́, oṣù, ọdún. 03/04/2025 kò ṣe é kà, torí àwọn kan ń fi ọjọ́ ṣáájú, àwọn mìíràn ń fi oṣù ṣáájú. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni lójú ẹnì kan, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni lójú ẹlòmíràn. Ìlànà ISO 8601, tó ń kọ ọ́ ní 2025-04-03, ti yanjú ìyẹn fún orúkọ fáìlì, ṣùgbọ́n ẹnu kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ọdún.

Orúkọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ wúlò ju bí ó ṣe dà bí ẹ̀ṣọ́ lọ, torí òun ni yóò tú àṣìṣe fó. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2025. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Bí ọ̀rọ̀ àti kàlẹ́ńdà kò bá bára mu, ẹnì kan ti yí ọjọ́ àti oṣù padà.

Ogúnjọ́ àti ọgbọ̀njọ́ ni à ń pe 20 àti 30. Ìyókù ń gba k: ọjọ́ kìn-ín-ní, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Fún oṣù, ẹ mú ọ̀nà kan, kí ẹ má sì yí i padà láàárín ìwé kan. Èmi a máa yan oṣù kìn-ín-ní títí dé oṣù kejìlá nítorí pé gbogbo ènìyàn ló ń tètè lóye rẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ bíi Ṣẹ́rẹ́ àti Ẹrẹ̀nà lẹ yàn, ẹ ṣọ́ oṣù Ògún: «ọjọ́ kẹta oṣù Ògún» tí kò ní àmì ohùn lè di ogún lẹ́nu ẹni tó ń kà.

Ọdún bíi 1985 àti 2025 ńkọ́?

Fún ọdún 2000 sókè, ọ̀nà tó já gaara ni ẹgbàá ó lé: ọdún ẹgbàá ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni 2025. Àwọn kan ń pe 25 ní márùndínlọ́gbọ̀n, ìyẹn náà dára. Kí ẹ ṣáà ti lo ọ̀kan jálẹ̀.

1985 ní ju ọ̀nà kan lọ tó tọ̀nà. Ẹgbàá ó dín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kúrú, ó sì rọrùn láti sọ. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàá ó lé márùndínláàádọ́rùn-ún gùn, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ bí fígọ̀ ṣe tò. Mo fara mọ́ èyí tó kúrú fún ọdún tó sún mọ́ 2000, bíi ẹgbàá ó dín ọ̀kan fún 1999. Bó bá ti jìnnà, ìyókúrò ńlá máa ń rẹ etí.

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tó yẹ ká yà sọ́tọ̀: ẹ̀ẹ́dẹ́gbàá ni 1,900, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ni 900. Ìbẹ̀rẹ̀ kan náà ló mú wọn jọra lójú ẹni tó ń sáré kàwé. Ẹ ṣàyẹ̀wò rẹ̀ ní gbogbo ibi tí ọdún bá ti jẹ yọ.

Aago ńkọ́?

Bíi ti 45 ló rí: láti ìṣẹ́jú kọkànlélọ́gbọ̀n sókè, wákàtí tó ń bọ̀ là ń pè. 9:30 ni aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ṣùgbọ́n 9:45 ni aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ fi àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, alẹ́ tàbí òru sí i. Láìsí i, aago méjìlá kò yé ẹnikẹ́ni. 14:00 di aago méjì ọ̀sán.

Òǹkà ńláńlá: báwo ni olùgbọ́ ò ṣe ní gbọ́ ọ sódì?

Ohun tó ṣe é kà lójú lè má ṣe é gbọ́. Ẹgbẹ̀ta ni 600, ẹgbàáta ni 6,000. Ẹgbẹ̀rin ni 800, ẹgbàárin ni 8,000. Ìyàtọ̀ wọn lẹ́nu kéré, ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́wàá ni nínú iye, olùgbọ́ kò sì lè yí ojú ìwé padà láti wò ó.

Níbi tí iye náà bá ṣe pàtàkì, ẹ kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà fún 6,000 àti ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ fún 8,000. Fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, «ẹgbẹ̀rún lọ́nà» ń là á kedere: ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́ta ni 45,000. Àwọn tó gbọ́ ọ̀kẹ́ dáadáa mọ̀ pé 20,000 ni ọ̀kẹ́ kan, ó sì dùn lẹ́nu. Síbẹ̀, ẹ lò ó kìkì bí ẹ bá mọ àwọn tó ń gbọ́ yín.

Bí ẹ bá lè fi ọ̀rọ̀ dín iye kù láìpurọ́, ẹ ṣe é. «Ó lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà» wọ etí ju 6,014 lọ, àyàfi bí mẹ́rìnlá yẹn bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gan-an.

Báwo ni kí n ṣe kọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún àti òǹkà tó ní àmì tóótó?

Ẹ má gé «nínú ọgọ́rùn-ún» kúrò. Ní èdè Yorùbá, ìdá ogún nìkan túmọ̀ sí ọ̀kan nínú ogún, ìyẹn 5%. Bí 20% bá wà nínú ìwé, tí òǹkàwé sì sọ «ìdá ogún», ó ti sọ ìdá mẹ́rin ohun tí ẹ ní lọ́kàn. Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ló tọ́. Èyí tó tún dára jù ni kí ẹ yí i padà sí ìdá márùn-ún, torí 20% àti ọ̀kan nínú márùn-ún jẹ́ ọ̀kan náà. 50% ni ìdajì. 75% ni ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Fún 2.75, ẹ kọ méjì pọ́ìntì méje márùn-ún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń pe fígọ̀ tó wà lẹ́yìn àmì náà. Bí ẹ bá pè é ní «pọ́ìntì márùndínlọ́gọ́rin», olùgbọ́ á rò pé 2.75 ju 2.8 lọ, nítorí márùndínlọ́gọ́rin ju mẹ́jọ lọ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àwọn èdè kan ń lo kọ́mà níbi tí a ti ń lo àmì tóótó. Bí ìwé bá ti òkèèrè wá, ẹ wádìí bóyá 1.250 jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan ó lé àádọ́ta-lé-nígba tàbí ọ̀kan àti ìdá mẹ́rin.

Nọ́ńbà fóònù àti kóòdù ńkọ́?

Níbí nìkan ni fígọ̀ ti lè dúró bí ó ṣe wà, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń pè é. Ẹ pín in sí mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹ sì fi kọ́mà sáàárín kí ohùn lè sinmi. 407192 di: mẹ́rin òdo méje, ọ̀kan mẹ́sàn-án méjì. Fún ẹ̀rọ akàwé, ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́ báyìí, kó má baà di ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ó lé méje.

Ẹ yan òdo tàbí òfo, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ẹ ṣọ́ àtẹ ìṣirò orí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú: ó máa ń gbé òdo iwájú sọnù, 0471 á sì di 471 kó tó dé inú ìwé yín.

Ọ̀rọ̀ àgékúrú: kí ni mo lè fi sílẹ̀, kí ni mo gbọ́dọ̀ nà tán?

Ẹ na gbogbo àgékúrú tí ènìyàn kì í sọ lẹ́nu bẹ́ẹ̀. «B.a.» ni bí àpẹẹrẹ, «abbl.» ni àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, «o.i.» ni ojú ìwé, «Ọ̀gb.» ni Ọ̀gbẹ́ni, «Dr» ni Dókítà. Fún ẹ̀rọ, àmì ìdánudúró inú wọn tún ń dá wàhálà mìíràn sílẹ̀: ẹ̀rọ lè rò pé gbólóhùn ti parí, kó sì dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀.

Orúkọ àjọ pín sí oríṣi méjì. Àwọn kan di ọ̀rọ̀ lẹ́nu, bíi UNESCO: ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe fẹ́ kó dún, Yùnẹ́sìkò. Àwọn mìíràn, lẹ́tà lẹ́tà là ń pè wọ́n, bíi WHO. Níbẹ̀, mo rò pé orúkọ gbogbo ló sàn jù: Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà sílẹ̀, ẹ kọ ìró wọn: GPS di jí-pí-ẹ́ẹ̀sì, CPU di sí-pí-yú. Ìdí ni pé ábídí Yorùbá kò ní C, Q, V, X àti Z, àti pé E Gẹ̀ẹ́sì dún bí I tiwa. Òǹkàwé tó ń ka Yorùbá máa dúró ronú ábídí wo ló yẹ kóun lò, ẹ̀rọ á sì yan èyí tó wù ú.

Nọ́ńbà Róòmù jẹ́ ẹ̀yà àgékúrú. Ogun Àgbáyé II ni Ogun Àgbáyé Kejì. Orí IV ni orí kẹrin. Ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ọ́n máa ka IV bíi lẹ́tà.

Ṣé àmì ohùn pọn dandan lórí òǹkà?

Ó pọn dandan. Igba ni 200, ìgbà ni àkókò, igbá sì ni ohun èlò. Ogún ni 20, ogun ni ìjà. Ènìyàn lè fi òye yọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n á ti fà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó yọ. Ẹ̀rọ a máa ka ohun tó rí.

Àṣìṣe kan tún wà tí ojú kì í rí. Kò sí kóòdù Unicode ẹyọ kan fún ẹ́ tàbí ọ́. Lẹ́tà ẹ àti ọ ní tiwọn, U+1EB9 àti U+1ECD. Àmì òkè, U+0301, là ń fi kún un. Bí ẹ bá da ọ̀rọ̀ kọ láti ibì kan sí ibòmíràn, àmì òkè lè já bọ́, tàbí kí ó yà sọ́tọ̀ kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀. Ẹ wá «ẹ́» nínú ìwé tó ti dé ibi tí wọ́n ti máa kà á. Bí kò bá sí ẹyọ kan, àmì ti já.

Ṣé SSML kò lè bá mi ṣe gbogbo èyí?

Ó lè ṣe díẹ̀. SSML ni èdè àmì tí W3C ṣe fún ẹ̀rọ akàwé, ẹ̀dà 1.1 jáde ní ọdún 2010. Ó ní `say-as`, tí ẹ lè fi sọ fún ẹ̀rọ pé ọjọ́ oṣù tàbí òǹkà ni fígọ̀ kan. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìlànà náà fúnra rẹ̀ kò to iye tí `interpret-as` lè gbà lẹ́sẹẹsẹ, kálukú ẹ̀rọ ló ń ṣe tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ kò bá sì ní òfin òǹkà Yorùbá, ó lè ka fígọ̀ náà ní Gẹ̀ẹ́sì láàárín gbólóhùn Yorùbá.

Èyí tó ṣe é gbọ́kàn lé ni `sub`, torí ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ohun tó máa sọ:

```xml
Ìpàdé yóò wáyé ní
<sub alias="ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin">03/04</sub>.
```

Fígọ̀ wà lójú ìwé fún ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ sì ni ohùn ń sọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìpínrọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ.

Bó ṣe dé ọwọ́ wa rèé:

«Ìpàdé: 03/04/2025, 9:45 àárọ̀. Ènìyàn 45 ló forúkọ sílẹ̀, 20% jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ka o.i. 12–15, b.a. àtẹ IV.»

Lẹ́yìn tí a bi ẹni tó kọ ọ́ pé ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni, ó dáhùn pé Ọjọ́bọ̀. Ìyẹn jẹ́ kó dájú pé ọjọ́ ló ṣáájú, oṣù ló tẹ̀lé e. Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn 45 jẹ́ mẹ́sàn-án, nítorí náà a kọ iye ènìyàn gan-an. Àmì gbọọrọ inú 12–15 lè di «ìyókúrò» lẹ́nu ẹ̀rọ, a sọ ọ́ di «títí dé». Ojú ìwé tó wà níbẹ̀ ń dáhùn ìkelòó, ó gba k:

«Ìpàdé yóò wáyé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin, ọdún ẹgbàá ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn márùndínláàádọ́ta ló forúkọ sílẹ̀. Mẹ́sàn-án nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ka ojú ìwé kejìlá títí dé ojú ìwé kẹẹ̀ẹ́dógún. Bí àpẹẹrẹ, ẹ wo àtẹ kẹrin.»

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Bí wọ́n bá fún yín ní iye ìṣẹ́jú, ẹ ka iye ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti na òǹkà tán, torí 2025 jẹ́ ọ̀rọ̀ kan lójú kọ̀ǹpútà, ó sì jẹ́ mẹ́rin lẹ́nu.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti tọ́ kí wọ́n tó gba ohùn sílẹ̀?

Ẹ wá ẹni méjì tí kò rí ìwé náà rí. Kí ọ̀kan kà á sókè láìyẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀, kí èkejì máa fi fígọ̀ kọ gbogbo òǹkà, ọjọ́ àti aago tó bá gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èyí tó kọ wé fígọ̀ etí ìwé yín.

Ibi tí òǹkàwé bá ti dúró tàbí tó padà sẹ́yìn, gbólóhùn ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ tún tò. Ibi tó ti kà á geere, ṣùgbọ́n tí fígọ̀ olùgbọ́ yàtọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ yàn jọ òmíràn létí, bíi ẹgbẹ̀ta àti ẹgbàáta. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn kà, torí ẹni àkọ́kọ́ ti mọ ohun tó wà níbẹ̀.